Ìṣẹ́jú-àáyá Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Níwájú Ẹgbẹ̀ta Òṣìṣẹ́

Ilé iṣẹ́ tí mo wà ní Ṣàngó, ike ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: garawa, abọ́, àga. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń lọ ike tó bàjẹ́ ni tèmi. Èmi àti obìnrin kan láti Ìkìrun la jọ ń lo ẹ̀rọ kan. Ẹnì kan ti yọ ìdérí irin tó yẹ kó bo ẹnu ẹ̀rọ náà, kí iṣẹ́ lè yá. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ yẹn fa ọwọ́ obìnrin náà wọlé, ó sì gé ìka méjì. Àwọn ọ̀gá bá ní kí àwa òṣìṣẹ́ yan aṣojú ààbò tí yóò máa bá wọn jókòó lóṣooṣù. Ẹni méjì ló jáde: èmi, àti ọkùnrin kan tó ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè.

Kí n má parọ́, mi ò yẹ lẹ́ni tó ń jáde fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n pè mí síwájú níbi ìpàdé kan pé kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé èmi ló kàn." Mo wá dárúkọ mi bí ẹni tó ń gbé omi gbígbóná mì. Ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn pé, "Kí ló pè?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jókòó. Mo sì lọ, mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá rántí obìnrin tí mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fọ́ ọ létí.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdìbò, wọ́n mú ọ̀gbẹ́ni kan wá láti Èkó kó wá kọ́ àwa méjèèjì ní ọ̀rọ̀ sísọ, torí a máa bá gbogbo òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dìbò. Kóòtù búlúù ló wọ̀, bàtà rẹ̀ sì mú ẹnu ṣóńṣó. Bó ṣe wọlé, ó ń sá fún eruku bí ẹni pé àwa la dá a.

"Ẹ fa èémí!" ló ń pariwo. "Ẹ fà á kíákíá! Ẹ ní, 'Èmi ni ọba!' Tí ẹ bá dé iwájú wọn, ẹ kàn rò ó pé ìhòòhò ni gbogbo wọn wà."

Ìhòòhò! Àwọn tí mò ń bá jẹun ní kàntíìnì lójoojúmọ́! Mo fa èémí kíákíá bó ṣe wí, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ọwọ́ mi ń ta mí. Ó ní ọba tó wà nínú mi ló ń jí. Òyì ló ń kọ́ mi, òmùgọ̀ yẹn sì ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin fọ́kílíìfù kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí.

Nígbà tí mo ń jáde nírọ̀lẹ́, bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa bi mí pé kí ló dé tí ojú mi rí báyẹn. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Mo ròyìn fún un.

"Bàbá, báwo lẹ̀rù yìí ṣe máa lọ?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó máa lọ? Gbogbo ọdún tí mo fi dúró níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, orúnkún mi ń gbọ̀n. Ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni àyà máa ń já jù, ọmọ mi. Tóo bá ti sọ gbólóhùn méjì mẹ́ta, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni kóo wá nǹkan ṣe sí."

Ó ní kí n dúró, kí n fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa. Kí n tó lanu, kí n mí síta pẹ̀lẹ́, kó pẹ́ ju èyí tí mo fà sínú lọ. Kí n wá ojú ẹnì kan tí mo mọ̀, kí n bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Kí n má mú bébà dání, torí bébà ló máa ń tú àṣírí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Kí n há gbólóhùn àkọ́kọ́ sórí, ìyẹn nìkan. Kí n má sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó má bínú.

Mo gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀, tírélà ń kọjá lẹ́yìn mi. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà lo fi parí gbogbo ẹ̀. Ta ló ń lé ẹ?"

Títí di ọjọ́ ìdìbò, ìrọ̀lẹ́ kan ò kọjá kí n má dúró níwájú bàbá yẹn.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n kó wa jọ síbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀, láàárọ̀ nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń lọ tí àwa ń wọlé. A tó ẹgbẹ̀ta. Ọkùnrin fọ́kílíìfù ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó fò gun orí pákó tí wọ́n tò síwájú, ó fa èémí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bí ẹni tó fẹ́ wẹ odò, ó wá figbe ta pé, "Èmi ni ọba!" Èémí ti tán kó tó dé orí orúkọ rẹ̀. Ó gbàgbé ẹ̀ka tó wà, òun tó jẹ́ pé orí ọkọ̀ ẹ̀ka náà ló ti sọ̀ kalẹ̀. Àánú rẹ̀ ò ṣe mí rárá.

Wọ́n wá pè mí. Àyà mi ń lù débi pé mo ń gbọ́ ọ létí. Mo fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Mo mí síta. Mo rí obìnrin Ìkìrun ní ìlà kejì, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Òun ni mo kọjú sí.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin tó ń wọlé àti ẹ̀yin tó ń lọ sinmi."

Mo dárúkọ mi, ohùn mi sì há lórí rẹ̀.

"A ò gbọ́!" ni ẹnì kan kígbe.

Ọ̀rọ̀ "ẹ má bínú" ti dé ètè mi. Mo pa ẹnu dé. Mo mí síta lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún orúkọ náà dá, díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń lọ ike ni mo wà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gé ìka èèyàn."

Ariwo dúró. Àyà mi ti ń rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yòókù kò le.

Èmi ni wọ́n yàn. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin fọ́kílíìfù wá bá mi.

"Àǹtí, ta ló kọ́ yín?"

"Bàbá tó wà ní géètì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́dẹ? Kí ni ọlọ́dẹ fẹ́ kọ́ mi?"

Mo wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Níbi ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo bá àwọn ọ̀gá ṣe, ìdérí ẹ̀rọ ni mo béèrè. Wọ́n wí àwáwí títí ó fi sú àwọn fúnra wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wẹ́dà kan dé, ó jó irin náà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Obìnrin Ìkìrun dúró wò ó títí ó fi ṣe tán, ó wá fi ọwọ́ tó kù pé gbá a wò bóyá ó le.