Ohun Tó Bọ́ Nínú Ojú Ìwé Kan

Ìyá Ṣókí ni gbogbo òpópónà ilé ẹjọ́ ń pè é. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnìkan bá pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi tẹ ìwé fún ìjọba. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gba yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ó gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì sínú rẹ̀, ó sì jókòó.

Kì í ṣe ìwé títẹ̀ ló sọ ọ́ di olókìkí. Àwọn ènìyàn a máa gbé ìwé àdéhùn gígùn wá, ti ilé tàbí ti iṣẹ́, wọ́n á ní àwọn kà á títí, oorun ló gbé àwọn lọ. Ìyá Ṣókí á fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, á kà á lẹ́ẹ̀mejì. Á fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí wọ́n ti sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan, ìgbà tó gbọ́dọ̀ ṣe é, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá ṣe é. Lẹ́yìn náà, á kó gbogbo rẹ̀ sójú ìwé kan, ní ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà lè gbọ́. Ohun tí àwọn lọ́yà bá sọ lẹ́ẹ̀mẹta, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí wọ́n bá ti kọ “láìtako ohun tí abala báyìí sọ,” á fò ó.

“Ikọ́ àwọn lọ́yà nìyẹn,” ló máa ń wí. “Wọ́n gbọ́dọ̀ wúkọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.”

Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Tépù ni wọ́n ń pe òun, nítorí kò sí ohun tó wà níwájú rẹ̀ tí kì í wọ̀n. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ó wọn ẹnu ọ̀nà kó tó kí i, ó sì gbé ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ tuntun kalẹ̀. Ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Aṣojú onílé, tó ń bá a mójú tó ilé náà, ń retí ìfọwọ́sí ní ọjọ́ Ajé.

Ìyá Ṣókí sọ ọ́ di kókó mẹ́rìnlá. Ẹ̀kẹsàn-án sọ pé: “Nígbà tí o bá ń lọ, o lè kó ohun èlò iṣẹ́ rẹ.” Ẹ̀kejìlá sọ pé: “Má ṣe àtúnṣe ńlá sí ilé láìgba ìwé àṣẹ.” Òtítọ́ ni méjèèjì. Tépù kà á tán, ó bi í léèrè bóyá kí òun fọwọ́ sí i.

Ó yẹ kí Ìyá Ṣókí ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà pàápàá. Ṣùgbọ́n ojú tí àbúrò rẹ̀ fi ń wò ó dùn mọ́ ọn.

“Fọwọ́ sí i,” ni ó wí. “Kò sí ejò nínú rẹ̀.”

Tépù fọwọ́ sí i. Ó fi ọ̀rá líle bo ojú ìwé náà, ó kàn án mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń fi hàn. “Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́,” á wí. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló gbé ẹ̀rọ ìlagi kalẹ̀, èyí tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Irin wúwo ni. Bí wọn kò bá fi bóòtù mẹ́rin dè é mọ́lẹ̀, yóò máa jó káàkiri bí wọ́n bá tan iná sí i. Tépù dè é mọ́lẹ̀. Kò gba ìwé àṣẹ kankan. Ta ló ń pe bóòtù mẹ́rin ní àtúnṣe ńlá?

Ní ọdún yìí, ó rí ibi tó tóbi jù. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí àdéhùn parí nígbà tí aṣojú onílé wá wo ilé. Ó wo ilẹ̀, ó wo bóòtù, ó sì ní ẹ̀rọ náà ti di ara ilé. Ó ṣí ìwé sí abala kẹrìnlélógún: ohunkóhun tí ayálégbé bá dè mọ́ ilẹ̀ tàbí ògiri láìkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, ti onílé ni. Tépù nawọ́ sí kókó kẹsàn-án lára ògiri. Aṣojú náà kà á, ó rọra rẹ́rìn-ín.

“Bọ̀dá,” ó wí, “ṣé èyí lẹ fọwọ́ sí?”

Ìyá Ṣókí gbọ́, ó tú ẹ̀dà tirẹ̀ jáde. Abala kẹtàdínlógún ló ti mú kókó kẹsàn-án. “Láìtako ohun tí abala kẹrìnlélógún sọ, ayálégbé lè kó ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀.” Ikọ́ ni ó fò. Nínú abala kẹrìnlélógún, ó mú òfin fún kókó kejìlá, ó fi ìyà tó wà lẹ́yìn òfin sílẹ̀, nítorí ó fẹ́ kó gba ojú ìwé kan.

 Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣí iṣẹ́ àtijọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà. Ó fi ìlà kan kún kókó kejìlá: “Ohun tí o bá dè mọ́lẹ̀ láìgba àṣẹ yóò di ti onílé.” Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ó bá rí àyè, yóò pààrọ̀ èyí tó wà lára ògiri, kí wọ́n lè sọ pé òun ti kìlọ̀, Tépù ni kò kà á dáadáa. Ó ká a sí méjì, ó tì í sínú báàgì.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan tó wà lókè ilé tí wọ́n ti ń gé dígí. Ọmọdébìnrin tó máa ń wá tẹ iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Ṣókí nígbà kan rí ni. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí wọ́n jókòó. Tépù wọn àga kó tó jókòó. Ó yọ ojú ìwé tó wà nínú ọ̀rá, èyí tó tú lára ògiri wá, ó gbé e lé orí ìwé àdéhùn.

Lọ́yà kò tíì ṣí nǹkan kan tó fi béèrè lọ́wọ́ Tépù ohun tó fẹ́ fi ilé náà ṣe nígbà tó gbà á, irú ẹ̀rọ wo ló ní, àti bí wọ́n ṣe ń gbé e dúró. Ìyá Ṣókí gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì rántí pé òun kò bi í. Ọmọ ìyá òun ni. Òun bi ìwé, òun kò bi ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ni lọ́yà mú ojú ìwé inú ọ̀rá.

“Ta ló kọ èyí?”

“Ẹnìkan ládùúgbò ni,” Tépù wí. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Irọ́ tí àbúrò rẹ̀ pa láti bò ó ló dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ.

“Èmi ni,” Ìyá Ṣókí wí.

 Nísàlẹ̀, dígí kan ké lábẹ́ irin.

“Màmá, kò sí irọ́ nínú rẹ̀,” lọ́yà wí. “Gbogbo ohun tó wà níbí ló wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn abala yìí ń di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ẹ to wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì já ọwọ́ wọn.”

Ó tún ṣàlàyé pé àwọn ohun kan wà tí kò sí nínú ìwé rárá, bó ti wù kí ènìyàn kà á tó. Òfin lè gba oníṣẹ́ ọwọ́ láyè láti tú ẹ̀rọ tó dè mọ́lẹ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé àdéhùn sì lè ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa; òun gbọ́dọ̀ wò ó kí òun tó sọ, òun kò ní ṣèlérí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ilé padà láìtíì tú ẹ̀rọ náà, ẹ̀tọ́ tó bá wà pàápàá lè bọ́. Ó bi wọ́n bóyá kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Tépù fi ọwọ́ sápò, ó yọ ọ́. “A fẹ́ dá a padà lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi hàn wọ́n pé èèyàn rere ni wá.”

Ìyá Ṣókí wo ilẹ̀. Ilẹ̀ kò lanu.

“Ẹ má tíì dá a padà,” lọ́yà wí.

Ó bi wọ́n bóyá aṣojú onílé rí ẹ̀rọ náà nígbà tí wọ́n gbé e dé. Tépù wá inú fóònù rẹ̀ títí, ó rí ọ̀rọ̀ kan tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ lọ́dún náà lọ́hùn-ún: “Mo rí ẹ̀rọ yín, ó dúró dáadáa.” Lọ́yà ní kó má ṣe pa á rẹ́. Kì í ṣe ìwé àṣẹ, ó wí, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ó kọ lẹ́tà sí onílé. Ọjọ́ karùn-ún ni èsì dé. Onílé kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ kí àdéhùn tó parí, bí wọ́n bá dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pákó tí Tépù kàn yí ògiri ká, tó fi oṣù kan fá, ibẹ̀ ni yóò wà.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀ tán, Ìyá Ṣókí ló po sìmẹ́ǹtì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀, kò gbọ́. Ó kúnlẹ̀, ó dí ihò kọ̀ọ̀kan, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ títí ó fi dọ́gba. Tépù dúró tì í, ó ń wo àmì ìṣó mẹ́rin lára ògiri, níbi tí ojú ìwé náà wà tẹ́lẹ̀.

“Ẹ dúpẹ́ pé mo tètè tú ìwé yín,” ó wí. “Mo kàn án mọ́ ògiri. Ì bá ti di ti onílé.”

Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣókí kò lè rẹ́rìn-ín.

Tépù wá gbé ìwé àdéhùn ilé tuntun lé e lọ́wọ́, bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ogójì ojú ìwé. Ó ní kó bá òun wò ó.

“Mi ò ní sọ fún ọ pé kó o fọwọ́ sí i,” Ìyá Ṣókí wí. “Ìbéèrè ni màá kọ. Ìwọ ni wàá gbé e lọ bá lọ́yà.”

Ó jókòó lórí àpótí, ó wá ìwé nínú báàgì, ó yọ ọ̀kan tó ká sí méjì, ó sì kọ̀wé sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí sìmẹ́ǹtì ń gbẹ lé. Kí ni mo fẹ́ fi ilé yìí ṣe? Kí ni màá dè mọ́lẹ̀? Abala wo ló ń di èwo lọ́wọ́ mú? Ó nà án sí i.

Tépù kà á. Ó yí i padà.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ṣókí rántí ìwé tó fi kọ ọ́. Kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ ka kókó mẹ́rìnlá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró níbi ẹ̀kejìlá, níbi ìlà tí kò sí lára ògiri rí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbójú sókè wo àmì ìṣó, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ká ìwé náà, ìbéèrè síta, ó fi í sápò níbi tó máa ń fi tépù sí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ fọwọ́,” ó wí. “Ọkọ̀ ń dúró.”