Klavdia Timofeevna Kò Buwọ́ Lù Ú

Klavdia Timofeevna ló dàgbà jù ní ọ́fíìsì wa ní ìlú Perm, ní Rọ́ṣíà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣàyẹ̀wò ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn kó tó wá bá àwa tí à ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú áàpù sí èdè Rọ́ṣíà. Èmi, Gleb, ni mò ń túmọ̀, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣà rẹ̀ kan máa ń bí mi nínú: kò ní buwọ́ lu iṣẹ́ àfi tó bá gbé fóònù, tó tẹ oókan, méjì, márùn-ún, mọ́kànlá, mọ́kànlélógún, tó sì fojú ara rẹ̀ rí ohun tó jáde. Á máa tẹ̀ ẹ́, á máa mu tíì. Ìjàpá ò lọ́ra tó o.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, áàpù tó ń rán àwọn alárùn àtọ̀gbẹ létí abẹ́rẹ́ wọn la fẹ́ gbé jáde. Orúkọ ohun tí à ń fi nọ́ńbà kà ní ìrísí mẹ́ta lédè wa: ọ̀kan fún oókan, ọ̀kan fún méjì sí mẹ́rin, ọ̀kan fún márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mọ́kànlélógún àti mọ́kànlélọ́gbọ̀n a máa padà sí àyè oókan. Mọ́kànlá kì í bá wọn lọ. Mo mọ ìyẹn bí ẹni mowó. Ẹyọ ni wọ́n fi ń wọn oògùn inú abẹ́rẹ́ náà. Àwọn tó ṣe áàpù náà lókè òkun kàn kọ “Gún ẹyọ kan” sí àyè oókan, wọn ò fi àmì tí nọ́ńbà yóò bọ́ sí sí i. Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń yan fanda.

Klavdia Timofeevna tẹ mọ́kànlélógún. Fóònù ní: “Gún ẹyọ kan.”

Rodion, ọ̀gá wa, pòṣé. “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gún mọ́kànlélógún géérégé? Ẹ buwọ́ lù ú, a ó tún un ṣe lọ́jọ́ Ajé.”

“Rodion, jókòó. Jẹ́ ká bi wọ́n.”

Ó mú orúkọ àwọn mẹ́wàá tó ti ń dán áàpù náà wò láti àná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ẹni kẹta ni Savely Kuzmich, bàbá arúgbó kan ní Kungur.

“Savely Kuzmich, ẹyọ mélòó ni dókítà ní kẹ́ ẹ máa gún?”

“Mọ́kànlélógún, láràárọ̀.”

“Fóònù wá ńkọ́?”

“Ó ní ọ̀kan péré láàárọ̀ yìí, ọ̀kan náà ni mo sì gún. Mo ní ara mi ti ń yá nìyẹn. Àmọ́ òùngbẹ ń gbẹ mí ṣáá.”

Rodion ti sáré lọ pa áàpù náà.

“Ẹ má fi kún un fúnra yín o. Mò ń pe nọ́ọ̀sì yín báyìí.” Klavdia Timofeevna fi fóònù mìíràn pe nọ́ọ̀sì, kò sì gbé tọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi dé ilé bàbá náà. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn méje tó kù.

Mo fi àmì nọ́ńbà sí àyè rẹ̀. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó buwọ́ lù ú, kò sì bú mi rárá. Ojú tì mí ju kó bú mi lọ.

Ó na fóònù sí mi. “Gleb, pe bàbá yẹn. Ó ṣì gbà pé dókítà ló dín in kù. Sọ fún un pé ìwọ ni.”

Mo pè é.