Regilatọ̀ Tí Mo So Nílé Ìyá Mi

Nígbà ogun, iná mànàmáná kì í sábà wà ní Bouaké mọ́. Àtọ̀gbẹ ń ṣe ìyá mi, inú fìríìjì kékeré ló sì ń tọ́jú abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí. Èmi tí mò ń ta pánẹ́ẹ̀lì sólà lọ́jà ni mo so ọ̀kan sórí òrùlé rẹ̀.

Nǹkan bí ọgbọ̀n fóòtì, ìyẹn ìwọ̀n tí iná fi ń tì, ni pánẹ́ẹ̀lì náà ti ń lágbára jù, bátìrì wa sì jẹ́ ti méjìlá. Regilatọ̀, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì, ti irú MPPT ló yẹ ẹ́: yóò jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì dúró lójú agbára rẹ̀, yóò sì sọ fóòtì tó lé di kọ́rẹ́ǹtì fún bátìrì. Irú ti PWM nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ìyẹn kàn ń so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ bátìrì ni, á fà á wálẹ̀ sí fóòtì bátìrì, ó lé ní ìdajì agbára tó ń ṣòfò.

Abidjan ni MPPT wà. Àbúrò mi ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má lọ o. Wọ́n ń fa káàdì ìdánimọ̀ àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago ya ní bàráájì táwọn ológun fi dí ọ̀nà.”

Mi ò lọ. PWM yẹn ni mo so.

Bátìrì ò kún rí, fìríìjì ò sì tutù tó. Oògùn abẹ́rẹ́ náà bà jẹ́ nínú ooru. “Ọmọ mi,” ìyá mi wí, “abẹ́rẹ́ yìí ò ràn mí mọ́.”

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin ín. Mi ò tíì sọ fún àbúrò mi pé mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé iná PWM yẹn kò ní tó.