Ìṣẹ́jú Méjì Ìyá Pọ́ǹpù

Obìnrin tí gbogbo ilé iṣẹ́ omi ń pè ní Ìyá Pọ́ǹpù kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó lè bá pọ́ǹpù tó ń kùn jà, kó bá ọ̀gá tó ń kùn jà, kó sì borí àwọn méjèèjì kí oòrùn tó kan àtàrí. Síbẹ̀, gbólóhùn kan péré ló gbé e ṣubú: “Ẹ sọ díẹ̀ fún wa nípa ara yín.”

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ti kọ́kọ́ bi í. Ènìyàn mẹ́ta jókòó síwájú rẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn: ẹni tó ń sọ ìtàn kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó sọ ọdún tí wọ́n bí i. Ó sọ iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe. Ó ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ti girama, ó dárúkọ olùkọ́ tó kọ́kọ́ fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì hàn án. Nígbà tó yà sórí àìsàn ìyá rẹ̀ tó wáyé lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn ti ń wo aago ọwọ́. Bó ṣe fẹ́ gbẹ́sẹ̀ wọ ilé iṣẹ́ omi báyìí, alága wọn dá a dúró.

“Ẹ ṣeun, màmá. A ti gbọ́.”

Kò sí ohun tí wọ́n gbọ́. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan nípa omi, bẹ́ẹ̀ omi ni wọ́n torí rẹ̀ pè é. Iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èyí ì bá má dùn ún jù, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń parí ilé iṣẹ́ omi tuntun létí odò, wọ́n sì ti kéde pé àwọn máa ti ti àtijọ́ tí Ìyá Pọ́ǹpù ti ń ṣiṣẹ́ pa. Ipò alábòójútó ṣí sílẹ̀ ní ti tuntun. Òṣìṣẹ́ tí kò bá rí ipò mú níbẹ̀, mítà ni yóò máa kà láti ojúlé dé ojúlé. Ìyá Pọ́ǹpù ti darí iṣẹ́ pẹ́. Kò rí ara rẹ̀ bí ẹni tí yóò máa dúró lẹ́nu géètì onílé, tí yóò máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú ajá so.

Ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ ní báǹkì kan ni ọkùnrin náà wà, ó sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wá wá iṣẹ́. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní pálọ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí télọ̀ ni.

“Ó yá, ẹ̀gbọ́n mi,” ni àbúrò wí, ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì pé kó máa ka àkókò. “Ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ sọ díẹ̀ fún wa nípa ara yín.”

Ìyá Pọ́ǹpù ti múra sílẹ̀. Ó ti kọ́ tuntun sórí. “Òṣìṣẹ́kára ni mí. Olóòótọ́ ni mí. Mo máa ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa, n kì í sì í pẹ́ débi iṣẹ́.”

“Ẹ dúró ná.”

“Mo ti ṣì í?”

“Ẹ ò ṣì í. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ń wọlé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó níbẹ̀, n ò tí ì rí ẹni tó sọ pé olè ni òun, ọ̀lẹ sì lòun.”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín láìgbójú sókè nídìí aṣọ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ọkọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ.

“Kí ni kí n wá sọ?” ni Ìyá Pọ́ǹpù bèèrè. “Kí n máa ki ara mi bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn níbi iṣẹ́? Àwa la jọ ṣe gbogbo ẹ̀.”

“Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ṣe níbẹ̀? Ohun tí wọ́n fẹ́ sanwó rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́.” Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. “Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ wà lónìí. Ẹ wá sọ díẹ̀ nípa ọ̀nà tó gbé yín débẹ̀, kí ẹ mú iṣẹ́ kan tàbí méjì tí ẹ ṣe tó yọrí sí rere. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ tiwọn lẹ fẹ́ wá. Ó parí. Ẹ má dárúkọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ ti ọmọ, ẹ má sọ ti ọkọ.”

“Kí ni mo ṣe?” ni Télọ̀ wí.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ìjà. Àti ọ̀rọ̀ àìsàn màmá yẹn, ẹ yọ ọ́ pátápátá.”

Nígbà tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, ilé-ìwé gíga ni àbúrò yìí wà. Ìyá Pọ́ǹpù ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì, tó ń gbé ìyá wọn dìde, tó ń gbé e jókòó, kí ọmọkùnrin náà lè parí ìwé rẹ̀.

“Ìyá tìẹ náà ni,” ló wá sọ, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè.

Àbúrò wo ilẹ̀. “Mo mọ̀.” Ó pa aago fóònù rẹ̀. “Mo ní kí ẹ yọ ọ́ kí wọ́n má baà fi ọdún méjì yẹn mú yín.”

“Bí mo bá yọ ọ́, àlàfo á wà níbẹ̀. Wọ́n á bi mí, màá wá máa kólòlò bí ẹni tó jalè.”

Èyí jẹ́ òótọ́, ọmọ báǹkì náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan fún un kó tó lọ, èyí tó dán bíi bàtà tuntun. Ìyá Pọ́ǹpù kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó dà bí ìgbà tí báǹkì bá ń kí òun kú ọjọ́ ìbí lórí fóònù. Télọ̀ dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ dúró.

“Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, bí ẹ bá gbà mí láàyè nínú ilé mi,” ló wí. “Aṣọ yẹn dára. Àmọ́ ara àbúrò rẹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.”

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Pọ́ǹpù ń fi iṣẹ́ ọjọ́ náà lé ẹni tó fẹ́ ṣe ṣíìfù alẹ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin gíga kan ni, wọ́n ń pè é ní Òpó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń lọ kò gbọdọ̀ kúrò láìfẹnu sọ bí nǹkan ṣe wà fún ẹni tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì yóò sì wà lórí ìdúró.

“Pọ́ǹpù kìíní àti ìkẹta ló ń ṣiṣẹ́,” ni Ìyá Pọ́ǹpù wí. “Ìkejì gbóná láàárọ̀, mo pa á, mekáníìkì ti pààrọ̀ bẹ́ríǹ rẹ̀. Tí omi bá wálẹ̀ nínú táńkì, tan án, àmọ́ fọwọ́ kàn án lemọ́lemọ́. Òjò ṣú lápá òkè odò, nítorí náà máa wo àwọ̀ omi.”

Òpó ń wò ó. Ó ti gbọ́ ìròyìn ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò, nítorí Ìyá Pọ́ǹpù fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

“Ìyá Pọ́ǹpù, ẹ ò tí ì sọ ibi tí wọ́n bí pọ́ǹpù náà sí. Kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ̀?”

“Kò kàn ọ́. Ohun tó o máa fi ṣiṣẹ́ ni mo sọ fún ọ.”

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó gbọ́ ọ. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì léjìká. Bí pọ́ǹpù ṣe wà báyìí, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i, ohun tó kù láti ṣe: ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, kò sì gba ìṣẹ́jú méjì rí. Kò sí ẹni tó pe èyí ní ìgbéraga. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ lélẹ̀ tí kò sọ ohun tó ti ṣe sí i, òun gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Ìwé tí àbúrò rẹ̀ kọ wà nínú báàgì náà. Kò tún ṣí i mọ́. Ó ń rìn lọ sílé, ó ń fi ara rẹ̀ lé ara rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni ń fi pọ́ǹpù léni lọ́wọ́, ó ń gé e, ó ń tún un gé.

Yàrá tí wọ́n pè é sí ní ilé iṣẹ́ tuntun ṣì ń ta òórùn ọ̀dà. Ènìyàn mẹ́ta tún ni. Obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó lo ìgò ojú ló jókòó sáàárín, òun náà ló sì sọ gbólóhùn ọ̀hún.

“Olórí ṣíìfù ni mí ní ilé iṣẹ́ omi àtijọ́,” ni Ìyá Pọ́ǹpù wí. “Ènìyàn mẹ́jọ ló wà lábẹ́ mi. Ojúṣe wa ni kí omi mọ́, kó sì dé ilé oníkálukú. Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ omi wò ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó bọ́ sídìí pọ́ǹpù, nítorí náà mo mọ omi, mo sì mọ ẹ̀rọ. Láàárín, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì láti tọ́jú ìyá mi. Nígbà tí mo padà, mo bá ìṣòro kan nílẹ̀. Ní àsìkò òjò, àárọ̀ nìkan ni a ń wọn álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú ẹrẹ̀ rọlẹ̀. Bí odò bá pọ́n lọ́sàn-án, òṣùwọ̀n àárọ̀ náà la ó máa lò, ẹrẹ̀ á dí asẹ́, a ó sì pa pọ́ǹpù. Mo mú kí a máa bu omi odò sínú ife mélòó kan nígbàkígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí, kí a fi oríṣiríṣi òṣùwọ̀n álọ́ọ̀mù sí i, kí a sì lo èyí tó bá yanjú jù. Láti ìgbà náà, ẹrẹ̀ ò tí ì mú wa pa pọ́ǹpù mọ́. Odò kan náà ni ilé iṣẹ́ yín ń bu omi rẹ̀, ìsàlẹ̀ ibi tí ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù lẹ sì wà. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Mo fẹ́ ṣètò rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, dípò kí a dúró de òjò.”

Ó panu mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn lójú rẹ̀, ó sì ń ṣe é bíi pé kó fi nǹkan kún un, bóyá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yẹn. Kò fi kún un.

Kò sí ẹni tó wo aago. Obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ náà bọ́ ìgò ojú rẹ̀. “Tó bá wá jẹ́ pé odò yí àwọ̀ nígbà tí ẹ ò sí lórí iṣẹ́ ńkọ́? Ta ni yóò mọ̀?”

Ìbéèrè yìí ni Ìyá Pọ́ǹpù ti ń retí. Ó mọ̀ ọ́n mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, bí ẹni fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Ó sún mọ́ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ léra wọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà títí wọ́n fi parí, ọ̀rọ̀ omi ni wọ́n ń sọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n pè é pé kó wá gba ipò. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, Télọ̀ sì yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu kó tó kí i.

“O kú oríire. Kí ni wọ́n tilẹ̀ bi ọ́?”

“Wọ́n ní kí n sọ nípa ara mi.”

“O wá sọ ọ́ tán?”

“Rárá, Bàbá àwọn ọmọ. Àbọ̀ ni mo sọ.”