Ẹ̀wà Ẹ̀gbọ́n Mi àti Igo Kẹrosín

Kí a tó gba òmìnira, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà ní bí kò bá jáwọ́ nínú iná èédú tó ń dá sínú ilé, àyà náà kò ní í san. Ibi tí òjò kì í dé kò sì sí mọ́, àfi inú ilé.

Èmi tí mo kàwé díẹ̀ ni mo gbé ìṣirò iná mìíràn lérí. Ìbátan wa kan tó ń dáná fún òyìnbó l'Ékòó ní gáàsì kò ní èéfín rárá. Iye ńkọ́? Bí èèyàn bá ń dáná lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù, ìyẹn tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́ta, lórí ìkòkò kan, ká má tíì sọ ti ààrò rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo yí ọ̀rọ̀ padà. Ṣílè mẹ́ta ni èédú ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ lóṣù. Ó lé díẹ̀ ní ààbọ̀ kọ́bọ̀ lórí ìkòkò.

Kẹrosín ló kù. Ìyàwó mi ní sítóòfù ní ilé wa ní Ìkòròdú. Bó bá ti ń fún un ní afẹ́fẹ́, bàtà ni mo máa ń wọ̀, kí n lè sá bó bá bú gbàmù.

"Baálé mi, ṣé ẹ ti di ẹrù yín?"

"Òtútù ilẹ̀ ni mò ń sá fún."

Igo kan, kọ́bọ̀ mẹ́rin, ń se ìkòkò mẹ́rin. Kọ́bọ̀ méjìlá ló ń jẹ́ ṣílè kan, ṣílè márùn-ún lóṣù nìyẹn. Mo pinnu pé èmi yóò máa san ṣílè méjì tó fi ju ti èédú lọ. Mo ra sítóòfù míì, mo gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo nà án síwájú bí ẹni gbé ejò lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀wà ka iná. Ìkòkò kejì kò tíì kúrò lórí iná tí igo fi gbẹ.

"Kí ni ìyàwó rẹ ń sè lórí tirẹ̀?"

"Ẹ̀bà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Omi rẹ̀ a máa tètè hó."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu. "Ọ̀mọ̀wé! Ẹ̀wà ló ń bọ́ àwọn ọmọ mi. Bí mo bá gbé e ka èédú, mo lè lọ sọ́jà, kó máa jinná lórí ẹyín iná. Tìrẹ yìí ń mu epo bí ọ̀mùtí, bí mo wà níbẹ̀, bí n kò sí."

Mo tún un ṣírò: kọ́bọ̀ méjì lórí ìkòkò, ṣílè mẹ́wàá lóṣù. Ṣílè méje ló wá kù tí èmi yóò máa san. N kò ní in. Òun náà kò ní in.

"Kí ẹ máa tẹ ẹ̀bà ńkọ́?"

"Kí wọ́n fi kí ni jẹ ẹ́? Ẹja tí mò ń tà?"

Ó gbé sítóòfù sí igun yàrá, ó da èédú sínú àdògán, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń wúkọ́. Ó béèrè bóyá kí òun bu ata sí ẹ̀wà tèmi. Mo ní kó bù ú sí i. Ẹ̀wà náà jinná dáadáa, mo sì jẹ ẹ́ tán.