Irùngbọ̀n Kì í Yí Egungun Padà

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Wò-Ó-Dáadáa, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wá àwọn tó sọnù ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ti di àwátì tipẹ́, òun ni wọ́n ń gbé fọ́tò rẹ̀ fún, kí ó fi irùngbọ̀n, awò ojú tàbí irun tuntun kún un, kí aráyé lè mọ bí ojú náà ṣe lè rí báyìí. Iṣẹ́ yìí ti sọ ọ́ di afura. Ó ti rí ọkọ tó ń fi ẹkún wá ìyàwó tó jẹ́ pé ẹgba ló sá fún. Nítorí náà, kó tó kí èèyàn káàbọ̀, á ti bi í pé: “Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe bẹ́ ẹ bá rí i?”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, télọ̀ kan wọlé, ó gbé fọ́tò ọ̀dọ́mọkùnrin kan sílẹ̀. Fọ́tò tó mọ́ ni: ojú kọ iwájú gan-an, etí méjèèjì hàn, ó sì fá àgbọ̀n kodoro.

“Àbúrò mi ni, mà. Ó ti lé lógún ọdún tó ti jáde nílé. Ẹ bá mi fi irùngbọ̀n tó kún sí i, àti awò onígun mẹ́rin.”

Àǹtí gbójú sókè. “Ta ló sọ fún yín pé onígun mẹ́rin ni?”

“Mo kàn rò ó ni.”

“Ẹ rò ó.” Ó tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ kò dá a lójú wò.

Síbẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà, ó sì ya fọ́tò náà sínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ fi irùngbọ̀n sí i fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ fi í sí i lóòótọ́, àmọ́ ó dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ kù, ó sì la ojú sí i, ó sọ ọmọlọ́mọ di ẹlòmíràn. Àǹtí pòṣé, ó pa á rẹ́. Ó wá bo ojú, imú àti ẹnu, kí ẹ̀rọ má lè fọwọ́ kan ohunkóhun ju ibi tí irun ń hù lọ. Ó ya irùngbọ̀n náà sọ́tọ̀ lókè fọ́tò, bí ẹni fi ọ̀rá tó mọ́ gaara tẹ́ ẹ lórí, ó sì jẹ́ kó tẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wálẹ̀. Ó gbé awò lé orí imú, ó na apá rẹ̀ dé etí, ó fi òjìji díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń ṣí ọ̀rá náà, ó ń pa á dé: fọ́tò àtijọ́, fọ́tò tuntun. Ojú kò yẹ̀, etí kò yẹ̀.

“Ẹ bá mi fa àgbọ̀n rẹ̀ gùn díẹ̀,” ni télọ̀ wí.

“Irùngbọ̀n lẹ bẹ̀ mí. Ẹ ò bẹ̀ mí ní àgbọ̀n.”

“Díẹ̀ péré, mà.”

“Kí ló wà nínú àpò tí ẹ ń fọwọ́ pa látàárọ̀ yẹn?”

Télọ̀ mí kanlẹ̀, ó sì yọ fọ́tò mìíràn jáde. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó wọ awò onígun mẹ́rin ló jókòó ti ìyá arúgbó kan.

“Ó kàn dédé dé lóṣù tó kọjá, ó lóun ni àbúrò mi. Màmá wa fọwọ́ pa á lójú, wọ́n bú sẹ́kún. Èmi ò gbà. Mo fẹ́ àwòrán tó ní irùngbọ̀n àti awò bíi tiẹ̀, àmọ́ tí kò ní jọ ọ́, kí n lè fi han Màmá pé kì í ṣe òun.”

“Ṣé ayédèrú lẹ ń sá fún, àbí àbúrò yín?”

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ìyá arúgbó inú fọ́tò náà. “Látọjọ́ yìí, èmi nìkan ni mò ń tọ́jú Màmá. Òun dé lánàá òde yìí, ó di ààyò.”

Àǹtí ya fọ́tò kejì sínú kọ̀ǹpútà, ó mú un bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, kí àárín ojú méjèèjì ṣe déédéé, ó sì tẹ́ ọ̀kan lé èkejì. Imú bá imú mu. Etí àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà bára mu.

“Ó jọ ọ́ gan-an,” ló wí. “Ṣùgbọ́n irùngbọ̀n bo àgbọ̀n, fọ́tò kì í sì í búra. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.”

Télọ̀ wò ó tìfuratìfura. “Àbí ó ti wá bá yín ṣáájú mi?”

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Látọjọ́ tó ti ń fura séèyàn, kò sẹ́ni tó fura sí òun náà rí.

Nígbà tí èsì jáde, télọ̀ àti ọkùnrin onírùngbọ̀n náà jọ wá. Ìyá kan náà ló bí wọn. Àbúrò náà bọ́ awò, ó ń rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin lẹ ní wọn ò gbọdọ̀ fa àgbọ̀n mi gùn, àbí? Ẹ ṣé, mà.”

Ìgbà tó jáde lọ gba fóònù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ síwájú.

“Àbúrò mi ni, mo gbà,” ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ibi tó ti ń bọ̀ ni kò tíì sọ fún wa.”

Àǹtí wo ẹnu ọ̀nà, ó wo télọ̀, ó sì fa àga kan sún mọ́ ọn.

“Ẹ jókòó,” ló wí. “Kí ló sọ fún yín gan-an?”