Òdòdó Ata Adaeze

Ẹni tó bá rí Oyèdélé lórí ìkúnlẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, níwájú ilé rẹ̀ ní Amechi, yóò rò pé àdúrà ló ń gbà. Àdúrà kọ́. Òdòdó ata tó já sílẹ̀ ló ń ṣà. Ó ṣa mọ́kànlá lọ́jọ́ Ajé, ó ṣa mẹ́rìndínlógún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n funfun, wọ́n kéré, ọrùn tí wọ́n fi rọ̀ mọ́ ẹ̀ka ti pọ́n kó tó já. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó di ata.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Oyèdélé. Ìjọba àpapọ̀ ló gbé e wá sí Enugu láti máa wọn ilẹ̀, ó sì ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún níbẹ̀. Níbẹ̀ ló ti fẹ́ Adaeze, níbẹ̀ náà ló ti sin ín. Kò sí ibi tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ láti Iva Valley títí dé Amechi, ṣùgbọ́n bí a bá yọ òpó ààlà kúrò, kò gbin nǹkan kan rí láyé rẹ̀.

Ata yìí kì í sì í ṣe ata lásán. Ata aláwọ̀ ìyeyè ni, tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Ìyá Adaeze ló ń gbìn ín ní Nsukka, tó ń dá hóró rẹ̀ sí lọ́dọọdún, títí ó fi fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ni wọ́n ti kọ́ sórí oko ìyá náà báyìí. Èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Ogbete ti dàpọ̀ mọ́ oríṣi mìíràn. Hóró mẹ́wàá tó wà nínú bébà kan, nínú àpótí aṣọ Adaeze, ló kù.

Helen, ẹ̀gbọ́n Adaeze, ti bẹ Oyèdélé nínú oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá. "Ọgọ m," bó ṣe máa ń pe àna rẹ̀ nìyẹn, "abeg, ṣí àpótí yẹn. August la máa ń fọ́n ata yìí, kó lè yọ òdòdó nígbà ọyẹ́, nígbà tí òru bá tutù. Màmá kì í jẹ́ kó kọjá August."

Oyèdélé kọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé ni pé a kì í tú ẹrù òkú kí ọdún rẹ̀ tó pé. "Sister Helen, ẹ ṣe sùúrù. Tí a bá ṣe memorial tán ní November, ẹ máa mú ohun tó bá wù yín." Lójú tirẹ̀, ó ń bọ̀wọ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Kò burú kéèyàn mọ àṣà, ṣùgbọ́n ata kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀fọ̀.

Ìparí oṣù Kọkànlá ló ṣí àpótí. Helen ní kó dá hóró márùn-ún sí. Ó ní rárá, ọ̀wọ́n ata kò gbọdọ̀ wọ ilé náà mọ́, ló bá fọ́n gbogbo rẹ̀. Mẹ́rin péré ló hù. Ó lọ́ wọn sínú rọ́bà ọ̀dà dúdú mẹ́rin, ó tò wọ́n sórí sìmẹ́ńtì iwájú ilé, lẹ́bàá ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń lù, kó lè máa rí wọn láti ojú fèrèsé. Ìparí oṣù Kejì ni wọ́n yọ òdòdó, gẹ́lẹ́ nígbà tí ooru Enugu bẹ̀rẹ̀ sí í lé èèyàn jáde ní yàrá.

Nígbà tí òdòdó ń já, ó rò pé ebi ló ń pa wọ́n. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ yúríà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yípo, ó tún bu òmíràn. Etí ewé igi méjì nínú wọn jóná, igi méjèèjì sì kú. Ewé igi méjì tó kù dúdú minijọ, wọ́n sanra, òdòdó wọn sì ń já lọ ní tiwọn. Oyèdélé tún ń yin ara rẹ̀ pé ewé dára.

Ẹ̀rù wá bà á. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ pe Augustine, ọkùnrin kan tó ń ta irúgbìn lójú ọ̀nà Ogbete. Nígbà tí Augustine dé, oòrùn ti wọ̀, síbẹ̀ ó fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì náà, ó sì tètè gbé e kúrò.

"Oga, na heat o. Floor yìí ò jẹ́ kí ata rí òru tó tutù. Tí ọ̀sán bá gbóná jù, tí òru náà bá gbóná, ìyẹ̀fun inú òdòdó á kú. Òdòdó tí kò bá gba ìyẹ̀fun, igi á jù ú nù ni. Kì í ṣe hunger. And this urea, ewé nìkan lò ń bọ́."

Wọ́n gbé ata méjèèjì lọ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ti ń tó wọn. Augustine ta nẹ́ẹ̀tì dúdú lókè wọn, èyí tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé díẹ̀, nítorí ata tí kò bá rí oòrùn rárá kò ní so. Ó fi koríko gbígbẹ bo ìdí wọn kí ilẹ̀ má baà gbóná. Ó ní kò gbọdọ̀ sí yúríà mọ́, kí omi má wọ́n wọn, kó má sì pọ̀ jù, àárọ̀ kùtù ni kó sì máa bu ú. Ó tún kọ́ Oyèdélé bí a ṣe ń fi ìka ta ẹ̀ka jẹ́jẹ́ láàárọ̀, kí ìyẹ̀fun lè bọ́ sí àárín òdòdó kí ooru tó mú.

"Ṣé á so?" ni Oyèdélé bi í.

"Má purọ́ fún ara ẹ, Oga. Ó lè so díẹ̀. Ìgbà tí òjò bá rọ̀, tí òru tutù, ló máa so dáadáa."

Ní ọjọ́ kejìlá, òdòdó kan já, ṣùgbọ́n ọmọ ata tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ dúró ní ìdí rẹ̀ lórí ẹ̀ka. Oyèdélé pe Helen lórí fóònù, ó ń kígbe bí ẹni tó bímọ. Ọ̀kan ṣoṣo náà ni. Ìyókù já.

Òjò àkọ́kọ́ dé pẹ̀lú ìjì, nẹ́ẹ̀tì àti òpó rẹ̀ wó lu ata kan, ó ṣẹ́ ẹ mọ́lẹ̀. Ó ku èyí tó ní èso. Òru bẹ̀rẹ̀ sí í tutù lóòótọ́, òdòdó tuntun mẹ́sàn-án sì yọ lórí rẹ̀, tí wọn kò já. Inú Oyèdélé dùn débi pé ó ra ìgò tí yóò máa kó hóró sí.

Lọ́sẹ̀ kejì oṣù Karùn-ún, ó jí, ó bá igi náà tó rọ wọlẹ̀, ewé rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ síbẹ̀. Augustine wá, ó gé ìdí rẹ̀, ó tì í bọ inú ìgò omi. Ohun funfun kan ń yọ jáde níbẹ̀ bí òwú. "Àrùn inú ilẹ̀ ni," ó wí. "Òjò ló ń jí i. Kò ní oògùn." Ó fẹsẹ̀ fa ilẹ̀ díẹ̀.

Èso kan náà ti pọ́n, ó kéré, ó sì wọ́. Helen wá fúnra rẹ̀ láti là á. Ó tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì gbọọrọ. Kò sí hóró kankan nínú rẹ̀. Awọ funfun lásán ló wà láàárín, ó mọ́ bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò.

"Ìyẹ̀fun ò tó," Helen wí. "Èso tó bá so nínú ooru, bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Oyèdélé ní òun ló fà á. Ó dúró de kí Helen sọ pé kì í ṣe òun. Helen kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ata náà sún mọ́ imú, ó dijú pẹ́. Ó dìde, ó gbé ìkòkò kaná, ó gé ata náà wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀, nítorí ata tó bá gbẹ lásán á tún pòfo ni.

Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n jẹun. Omi ń dà lójú Oyèdélé, kò sì nù ún. Ọbẹ̀ Adaeze gan-an ni. Wọ́n fi òkèlè nu àwo títí ó fi mọ́, ata Màmá sì tán láyé.